Ohùn ń padà sí àwọn ará ìlú òkèèrè létí nínú ìpàdé Súùmù wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ aládìrẹ ni wá ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá sọ̀rọ̀, wọn á tún gbọ́ ohùn ara wọn. Àwa tá a wà ní ṣọ́ọ̀bù ò gbọ́ nǹkan kan, la bá ń di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn.

A ní kí gbogbo èèyàn pa máíkì, ká máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Gẹ́lẹ́ tá a ṣí tiwa ni ohùn náà padà. Àṣé ẹni tó ń gbọ́ ọ kọ́ ló ń fà á: ọ̀rọ̀ wọn ń jáde lára sípíkà wa, máíkì kọ̀ǹpútà ń gbé e, ó sì ń dá a padà fún wọn.

Bí mo bá fi yíàfóònù sétí, ó parí. Ṣùgbọ́n èèyàn bíi mẹ́wàá ló yí kọ̀ǹpútà kan ká! Sípíkà aláìlówáyà la ń lò, ohùn sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde lára rẹ̀. Mo fura pé ìyẹn ò jẹ́ kí Súùmù lè pa ohùn tó ń padà náà rẹ́. Sípíkà inú kọ̀ǹpútà sàn jù, àmọ́ àwọn ìyá tó jókòó sẹ́yìn ò gbọ́ràn. Mo ti pa ètò "Original sound for musicians" inú Súùmù náà.

Ṣé sípíkà oníwáyà tá a gbé jìnnà sí máíkì máa tó, àbí ká ra èyí tí máíkì àti sípíkà jọ wà lára rẹ̀? Ká máa pa máíkì bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ò rọrùn, ìyá ẹgbẹ́ kì í rántí ṣí i.