Oṣù 3 ìdánwò níbi iṣẹ́ ti di oṣù 11, wọ́n wá ní kí n máa lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Ìkòròdú. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí sọ pé oṣù 3 ni wọ́n á fi dán mi wò, kò sọ pé wọ́n lè fi kún un. Oṣù 3 pé, wọ́n fún mi ní bébà pélébé: “a fi oṣù 3 kún un.” Ó tún pé, bébà mìíràn. Lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan mọ́, owó oṣù mi sì ń wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí n má wá mọ́ láti ọ̀la, pé ẹni tó wà lórí ìdánwò ò nílò àlàyé. (Ọjọ́ Ẹtì ló ṣì ń yìn mí o!) Mo kọ lẹ́tà béèrè ìdí, kò fèsì. Mo wo Òfin Iṣẹ́, abala 11: ọjọ́ 1 ni ìkìlọ̀ ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 ni ti ẹni tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò tíì pé ọdún 2. N ò rí ibi tó ti mẹ́nu ba ìdánwò.

Ìbéèrè mi: ṣé dídákẹ́ tí wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn oṣù 9 ti sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, àbí owó ọ̀sẹ̀ 1 nìkan ni mo lè gbà?