Kí ló dé tí ìlà pupa háídírójìn fi dúdú nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn?

Ẹ̀yin olùkọ́ fíṣíìsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó padà wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé.

Mo bá àwọn ọmọ ṣírò ìlà àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ Bálmà, níbi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti já láti ipele 3 sí ipele 2:

1/λ = R(1/2² − 1/3²) = 1.097 × 10⁷ × 5/36 = 1.524 × 10⁶ m⁻¹

Ọ̀pọ̀ wọn dúró síbẹ̀, wọ́n gbàgbé pé λ ṣì wà nísàlẹ̀. Nígbà tí a dojú rẹ̀ dé, ó di 656.3 nm, pupa tó ń tàn nínú túùbù háídírójìn gan-an.

Ọmọ kan wá bi mí pé: ibi 656.3 yìí ló dúdú nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ló dé tí kì í dúdú bí ìmọ́lẹ̀ funfun bá la háídírójìn tútù kọjá? Mo ní kódà bí átọ́ọ̀mù tútù bá dá wà, tí kò so pọ̀ ní méjì-méjì, ipele 1 ni yóò wà. Ọ̀wọ́ Láímánì, bíi 121.6 nm, ló lè gbé mì. Kó tó lè gbé pupa mì, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní ipele 2.

Ibi tó ti dà mí láàmú nìyí. Mo ṣírò ti ojú oòrùn ní 5800 K, átọ́ọ̀mù bíi ẹyọ kan nínú igba mílíọ̀nù ló wà ní ipele 2. Ṣé pípọ̀ tí háídírójìn pọ̀ níbẹ̀ nìkan ló mú kí ìwọ̀nba yẹn fa ìlà tó dúdú tó bẹ́ẹ̀? Báwo lẹ ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ girama?