Ẹ̀wà tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa rà pamọ́ ní Kubwa, bó ṣe rí gan-an nìyí

Álúfà Kékeré Kubwa
Ẹ kú ilé o. Ẹ ní kí kálukú sọ ohun tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wọn ṣe fún àdúgbò, ó yá, tiwa nìyí, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dáa o.

Ìparí ọdún 2023, a jókòó lẹ́yìn àsáláátù, sístà wa kan ló dìde ó ní ọdọọdún la máa ń pín ráìsì nígbà ààwẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ó ti tán, tó bá wá di Júláì àwọn ìyá yìí kan náà á máa wá bá Lémọ́ọ̀mù pé àwọn ò rí owó ẹ̀wà. Ó ní ṣebí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀wà máa ń pọ̀ lọ́jà ní Dìsẹ́ńbà torí ìgbà náà ló ń ti oko dé, ẹ jẹ́ ká rà á nígbà yẹn ká tọ́jú ẹ̀, ká wá tà á fún wọn ní iye tó ná wa. Àwa 26 la dá ₦20,000 ₦20,000. Kì í ṣe sàdáká o, owó náà gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ onílé.

Àbúrò bàbá ẹnì kan nínú wa ń gbé Kánò, òun ló bá wa ra àpò 6 ní ọjà Dawanau, ₦82,000 lápò kan, kílò 100. Ọkọ̀ gba ₦3,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. A wá ra àwọn àpò ìpamọ́ tó ní ọ̀rá méjì nínú tí àpò ṣákì wà lóde, èyí tí wọ́n kọ PICS sí lára, ₦1,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. A dà á sínú ẹ̀, a so ó, a kó o sí yàrá tó wà lẹ́yìn ibi àlùwàlá, a ti ilẹ̀kùn, ó di Júláì 2024.

Ẹ rántí bí ẹ̀wà ṣe rí ní 2024. Mọ́dù kan ti dé ₦3,800 ní ọjà tiwa níbí. Nígbà tí a tú àpò àkọ́kọ́, mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀wà ń dán bí ìgbà tó ti Kánò dé. Èkejì bẹ́ẹ̀. Àpò 5 ló dáa. Ìkẹfà, èyí tó wà lábẹ́ wíńdò, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, ó gbóná! Mo fa ọwọ́ yọ, ìyẹ̀fun àti kòkòrò ló tẹ̀lé e. Gbogbo ẹ̀ ti lu ihò, a dà á fún ẹni tó ń sin adìyẹ.

Àpò 5 yẹn fún wa ní mọ́dù 325. Torí èyí tó bàjẹ́ a ò lè tà á ní iye tó ná wa mọ́, a tà á ní ₦1,700, mọ́dù 5 fún ìdílé kan, ó kárí ìdílé 65, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, Gbàgyi, Íbò, a ò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Èkúté ni mo rò pé ó lu àpò yẹn.

Sístà Kọ́yà Lugbe
Ẹ ṣé o. Àwa ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, lẹ́sìn WAEC la fi bẹ̀rẹ̀, àwọn kọ́pà méjì ló ń kọ́ wọn ní máàsì, ọmọ 18 ló ń wá, NEPA ni ìṣòro wa. Ṣé ẹ̀wà yẹn ṣì wà? Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ mọ́dù 10.

Álúfà Kékeré Kubwa
Sístà, 2024 ni mò ń sọ, ó ti tán tipẹ́ 😂

Ìyá Ẹlẹ́wà Nyanya
Ọmọ mi, ẹ̀ ń fowó ṣòfò lórí ọ̀rá. Ata gbígbẹ ni kí ẹ máa fi sí i, ata ṣọ̀ǹbọ̀ tó ta dáadáa, kí ẹ máa sá a sóòrùn lóṣooṣù. Ọdún kẹtàlélógún nìyí tí mo ti ń se ẹ̀wà tà, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ ò fi ọ̀tápíápíá sí i, àwọn kan ń dà á sórí ẹ̀wà, wọ́n á wá máa pariwo pé inú ń run àwọn.

Bọ̀dá Funtua
Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá, ata máa ń lé kòkòrò tó wà lóde, ó sì lè tó fún mọ́dù mẹ́wàá tẹ́ ẹ máa sè tán láàárín oṣù kan méjì. Ṣùgbọ́n kòkòrò ẹ̀wà kì í dúró de sítóò kó tó wọlé, oko ló ti ń bá a bọ̀. Ara èèpo ẹ̀wà ló ń yé sí nínú oko, nígbà tẹ́ ẹ bá sì ti bó èèpo yẹn tán, á tún máa yé sára ẹ̀wà fúnra ẹ̀, ẹ wò ó dáadáa ẹ óò rí tótòtó funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ẹ̀ á gbẹ́ inú ẹ̀wà wọlé, níbẹ̀ ni yóò ti máa jẹun. Ata ò lè bá a níbẹ̀. Ẹ̀wà á mọ́ lójú yín ní Dìsẹ́ńbà, tó bá di Fẹ́búárì ó ti lu ihò.

Ohun tí ọ̀rá yẹn ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Kòkòrò inú ẹ̀ á mí atẹ́gùn tó bá níbẹ̀ tán, kò ní lè jẹun kò ní lè yé, á kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká má tú u kó tó tó oṣù méjì, tẹ́ ẹ bá ń ṣí i wò lọ́sẹ̀ méjì méjì, ẹ̀ ń fún un ní atẹ́gùn tuntun ni.

Álúfà, mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé gbogbo kílò 100 yẹn lẹ dà sínú ẹ̀ pátá? Ṣé ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó lò ó, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ń jò? Àti pé yàrá àlùwàlá yẹn, ṣé ilẹ̀ lásán ni àpò wà?

Álúfà Kékeré Kubwa
Hmm. Gbogbo ẹ̀ la dà sí i o, ọrùn ẹ̀ kúrú, a fipá so ó ni, ti àpò kan tiẹ̀ kúrú ju tàwọn tó kù lọ, mi ò mọ̀ bóyá òun ló bàjẹ́ yẹn. A ò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Orí pákó ló wà, ṣùgbọ́n pákó ò kárí, èyí tó wà lábẹ́ wíńdò wà nílẹ̀ ó fara ti ògiri.

Bọ̀dá Funtua
Ó lè má jẹ́ èkúté rárá nìyẹn. Ẹ bu bíi mọ́dù márùn-ún kúrò, kí ọrùn ọ̀rá gùn. Ọ̀rá ti inú, ẹ fún atẹ́gùn orí ẹ̀ jáde, ẹ lọ́ ọ títí á fi le, ẹ ká a sẹ́yìn, ẹ fi okùn dè é. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣe ọ̀rá kejì lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tó wá so ṣákì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ so lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ò di dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó dà á rárá, ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ sí i, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi sílẹ̀ bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀wà yẹn ò tíì gbẹ, tẹ́ ẹ bá dì í bẹ́ẹ̀ yóò hu èébu. Kẹ́ ẹ sì kúrò ní yàrá àlùwàlá.

Bàbá Ìbejì Màràrábá
Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan ní ká fi àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò sí i, pé ó yá jù.

Bọ̀dá Funtua
Ẹ má dán an wò! Gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀ ti pa odindi ìdílé tó sùn nílé kan náà. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe fíjìlì mọ́jú? Rárá.

Ìyá Ẹlẹ́wà Nyanya
Ó dáa, mo ti gbọ́ ti ata. Ta ló ń ta àpò yẹn ní Nyanya? Màá gbé ọ̀kan wò. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn, ṣé ẹ ta àwìn?

Álúfà Kékeré Kubwa
Háà Ìyá, ẹ ti fọwọ́ kan egbò. Mọ́dù 14 la fi tàwìn fún àwọn opó àtàwọn tí ọkọ wọn ò níṣẹ́, ₦23,800, di bá a ti ń sọ yìí kò sẹ́ni tó san án. Owó àwọn 26 padà sọ́wọ́ wọn, ó ku ₦9,700 nínú àpótí. Àwọn kan ní ká fi ẹ̀ jì wọ́n, àwọn kan ní tá a bá jì wọ́n, gbogbo àdúgbò ló máa sọ pé àwìn làwọn náà fẹ́. Ìjà yẹn la ṣì ń bá yí.

Bàbá Ìbejì Màràrábá
Ẹ sọ ibi tí ìjà yẹn parí sí fún wa o, torí opó ló pọ̀ jù nínú àwọn tá a fẹ́ tà fún.