"Avoir" ni àbí "être"? Ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè Faransé ni, lórí àsìkò tó ti kọjá níbi tí a ti ń fi "avoir" tàbí "être" ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe.

Àwọn tó ń tẹ̀lé òfin ò yọ mí lẹ́nu: "parler" di "parlé", "finir" di "fini", "vendre" di "vendu". Àwọn tí kò tẹ̀lé e, bíi "pris" àti "fait", mo ti kọ́ wọn sórí. Mo tún mọ̀ pé "aller" àti "venir" ń gba "être", tí obìnrin bá sì ni olùwà, a ó fi "e" kún un: "elle est allée".

Ibi tó ti dà rú rèé. Mo kọ "elle est descendue l'escalier", olùkọ́ mi fagi lé e, ó ní "elle a descendu l'escalier" ni, nítorí pé "l'escalier" jẹ́ àbọ̀. Ó yé mi. Ni mo bá kọ "elle a sorti ce matin", ó tún ní mo ṣì í: "elle est sortie ce matin" ni, torí "ce matin" kàn ń sọ ìgbà ni. Síbẹ̀, "elle a passé la matinée ici" tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà ni "la matinée"!

Mo ti gbìyànjú láti máa bi ara mi ní "kí ni?" lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgbà ṣì ń tàn mí jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbà kan jẹ́ àbọ̀? Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.