Ihò tí mo fẹ́ẹ́ pè ní páńda

Tọ́nà Tákié, Ogbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ tèmi. Oníbàárà kan gbé irin pẹlẹbẹ wá fún ìdí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, ihò mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé àwòrán ní kí ihò wà láàárín 10.0 sí 10.3 mìlímítà. Nínú àpótí kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ⌀0.2 Ⓜ ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé àárín ihò gbọ́dọ̀ wà nínú róbótó tó fẹ̀ ní 0.2 ní ojú ibi tó yẹ. Ihò kan jẹ́ 10.18, ó sì yẹ̀ ní 0.12 sọ́tùn-ún, 0.10 sókè. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣírò:

```
2 × √(0.12² + 0.10²) = 0.312
```

Ó ní ó ti ju 0.2 lọ. Mo ti jù ú sórí àlòkù irin kí n tó rántí M tí wọ́n yí róbótó ká yẹn.

Bàbá Leètì, Ọ̀yọ́
Ẹ tètè lọ gbé e. M yẹn ló ń fúnni lénì. Ihò tó kéré jù tí wọ́n gbà, 10.0, ni ẹ óò ti kà. 10.18 yọ 10.0, ó ku 0.18. Ẹ fi kún 0.2, ó di 0.38. 0.312 wọlé wẹ́rẹ́. Ihò tó fẹ̀ ti fún bóòtù láyè, kò ní há bó tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀.

Àgbà Òṣìṣẹ́
Àárín ni wọ́n kọ́ wa kí á máa ti kà o, 10.15. Ènì 0.03 péré. Iṣẹ́ yẹn ti já.

Bàbá Leètì, Ọ̀yọ́
Ẹ má bínú, ṣé ihò 10.05 yóò wá jẹ gbèsè ni? Ènì tirẹ̀ 0.05. Àárín kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ìyá Ìbejì Oníwẹ́dà
Tèmi, píìnì tó yọ sókè lórí irin ni, 19.9 sí 20.0. Èmi náà kà á láti èyí tó kéré jù bíi ti ihò. Píìnì tó sanra jù ni mo wá fún lénì jù! Kò wọ ihò níbi tí wọ́n ti fẹ́ẹ́ tò ó, ni wọ́n bá dá gbogbo rẹ̀ padà.

Bàbá Leètì, Ọ̀yọ́
Ti píìnì, 20.0 ni ẹ óò ti kà wálẹ̀. 19.94, ènì 0.06. Èmi kì í fi bírò ṣírò ihò mọ́. Mo gbẹ́ píìnì mẹ́rin 9.8, ìyẹn 10.0 yọ 0.2, sórí irin kan ní ojú ibi tó yẹ gan-an. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mo gbà á. Ṣùgbọ́n kò lè mú ihò tó bá ju 10.3 lọ, ìyẹn, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀.

Tọ́nà Tákié, Ogbómọ̀ṣọ́
Mo ti gbé e padà. Ṣùgbọ́n ihò kejì rí gbàgìdì: 10.20 níbi kan, 10.12 níbòmíràn.

Bàbá Leètì, Ọ̀yọ́
Píìnì tó sanra jù tó lè kọjá nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi kà, kì í ṣe ibi tó fẹ̀ jù.

Tọ́nà Tákié, Ogbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣé, bàbá. M mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà B, ìyẹn ibi tí wọ́n ní kí á ti máa wọn ihò o. Ṣé kí n fi ènì tìyẹn kún un?

Bàbá Leètì, Ọ̀yọ́
Háà, rárá! Ìyẹn kì í ṣe ènì tí à ń fi kún ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń sún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ya àwòrán náà sí ibí ká jọ wò ó.