Àhíńsà: ṣé "àìṣeniléṣe" tó o?

Atúmọ̀ (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí àwọn ẹ̀sìn ayé fún àwọn ọmọ girama, mo wá kan àhíńsà àwọn ẹlẹ́sìn Jáínì ti ilẹ̀ Íńdíà. "Àìṣeniléṣe" ni mo kọ síbẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kí ni kí n pè é? Báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe ń pa á mọ́ tó? Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í tẹ èèrà?

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Èyí ò le rárá. Ohun tí Gáńdì fi bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì fà á náà ni. Wọ́n ń lù wọ́n, wọn ò lu ẹnikẹ́ni padà. Kọ "àìfipájà" kó o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Jáínì ni Gáńdì fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ.

Bàbá Olùkọ́ (Ìlọrin):
Ọmọ Ọ̀yọ́, ìdajì lo gbà. Híńdù ni Gáńdì. Òótọ́ ni pé Jáínì pọ̀ ní Gujaráàtì tí wọ́n ti bí i, àti pé láti 1891 ló ti mọ Rájíṣáńdírà, Jáínì kan tó ń ta òkúta iyebíye, tó sì máa ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà wọn ti yà. Ní 1928, ọmọ màlúù kan ń jẹ̀rora nínú ọgbà Gáńdì ní Amẹdabáàdì, ìwòsàn ò sí fún un mọ́. Gáńdì ní kí dókítà gún un lábẹ́rẹ́ kó lè sinmi. Ní tirẹ̀, àánú nìyẹn. Ariwo ta, àwọn Jáínì sì wà lára àwọn tí inú bí. Lójú tiwọn, màlúù náà ló ni ẹ̀mí rẹ̀. Ikú ò sì lè gba ìrora náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ohun tó fà á ń bá a lọ sí ayé tó kàn. Àwọn Jáínì ní ilé ìtọ́jú fún irú ẹran bẹ́ẹ̀, páńjírápólì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á máa bọ́ ọ, wọ́n á máa wẹ egbò rẹ̀, títí tí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Nítorí náà, "àìfipájà" kò dé ibẹ̀. Kò sí ìjà kankan láàárín Gáńdì àti ọmọ màlúù.

Ní ti "àìṣeniléṣe", "ni" tó wà láàárín rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ènìyàn nìyẹn ń tọ́ka sí. Àwọn Jáínì ka ohun ẹlẹ́mìí kọjá ibi tí ojú wa ń dé. Ilẹ̀, omi, iná, afẹ́fẹ́ àti ewéko ní ẹ̀mí, àmọ́ ìfọwọ́kàn nìkan ni wọ́n fi ń mọ nǹkan. Aràn ní méjì, èèrà ní mẹ́ta, eṣinṣin àti oyin ní mẹ́rin. Ẹja, ẹyẹ, màlúù àti àwa ènìyàn la ní márùn-ún. Ọmọ ìjọ tó wà nílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàgò fún pípa ohunkóhun láti orí aràn lọ sókè, kó sì dín ti ìsàlẹ̀ kù bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, ọkùnrin àti obìnrin tó ti fi ilé àti ohun ìní sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, ni òfin gbogbo rẹ̀ dé pátá.

Àlàyé tí mo fẹ́ràn jù wà nínú ìwé Tatifáàtà Sútírà, tó ti lé ní 1,500 ọdún. Ohun tó sọ ni pé ìpalára ni kí a gba ẹ̀mí nítorí àìkíyèsára. Ẹ wo ibi tí ó gbé ẹ̀bi kà: àìkíyèsára, kì í ṣe òkú tó wà nílẹ̀. Kundakúndà, àgbà olùkọ́ wọn kan, la á mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: yálà ohun ẹlẹ́mìí náà kú tàbí kò kú, ẹni tí kò ṣọ́ra ti jẹ̀bi, ẹni tó ṣọ́ra, tí ìpalára wá ṣèèṣì ti ọwọ́ rẹ̀ wáyé, kò sí ìdè lọ́rùn rẹ̀. Ẹ mú ajẹ́jẹ̀ẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń rìn lọ. Èkíní ń wo ilẹ̀ ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, bí òfin wọn ti wí, síbẹ̀ èèrà kan sáré bọ́ sábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Èkejì ń wo ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò sì tẹ nǹkan kan. Èkejì ló jẹ̀bi.

Àwa náà kọ́ ọ ní kékeré pé ká yẹsẹ̀ fún kòkòrò torí pé Ọlọ́run ló dá a. Irú ìdí yẹn ò sí lọ́dọ̀ Jáínì. Wọn ò gbà pé ẹnì kan dá ayé. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kámà, èrè ìwà ẹni, jẹ́ nǹkan gidi tó ń lẹ̀ mọ́ ọkàn, ìbínú, ojúkòkòrò àti àìbìkítà ló sì ń jẹ́ kó ráyè lẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Lẹ́sítà):
Ẹ̀yin ará, mi ò mọ Sútírà, àkàrà ni mo mọ̀. Àwọn Jáínì pọ̀ ní Lẹ́sítà níbí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní tẹ́ńpìlì láàárín ìlú. Ìyá àgbà kan nínú wọn múlé gbè mí. Mo dín àkàrà gbígbóná, mo gbé e lọ fún un, mo ní ẹ̀wà ni, kò sẹ́ran, kò sẹ́ja. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ṣé àlùbọ́sà kọ́ nìyí?" Àlùbọ́sà ni. Ó dá a padà fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà mìíràn mo lọ̀ ọ́ láìfi àlùbọ́sà sí i, mo gbé e lọ nínú oṣù Disẹ́ńbà lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyá ní oòrùn ti wọ̀, òun kì í fi nǹkan kan ẹnu lálẹ́. Ó sì dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló bá mi jẹ ẹ́, òun ń jẹ àlùbọ́sà, ó sì ń jẹun lálẹ́. Ẹ wá ṣàlàyé fún mi: ẹ̀wà ní ẹ̀mí, àlùbọ́sà ní ẹ̀mí. Kí ló dé tí wọ́n jẹ ìkan tí wọn ò jẹ èkejì?

Bàbá Olùkọ́:
Ìyá Ìbejì, wọ́n ní ohun tó ń ta nínú ilẹ̀, àlùbọ́sà, áyù, ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì, iṣu wa náà, kì í ṣe ẹ̀mí kan ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀mí tí kò lóǹkà ló jọ pín ara kan náà. Tí o bá sì hú u, ìdí rẹ̀ lo fà tu, pẹ̀lú àwọn aràn tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀wà ti gbó, ó ti gbẹ kí wọ́n tó ká a. Ti alẹ́, òkùnkùn kì í jẹ́ kéèyàn rí ohun tó bọ́ sínú oúnjẹ, iná àtùpà a sì máa fa kòkòrò. Ìyàwó ọmọ yẹn kò ṣe ohun àjèjì o. Ohun tí oníkálùkù jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń pa mọ́, ilé kan náà sì lè gba oríṣi mẹ́ta.

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Bàbá, ẹ dákun. Mo kà pé wọ́n ń se omi kí wọ́n tó mu ún. Bí omi bá ní ẹ̀mí, ṣé kì í ṣe pípa nìyẹn? Ta ló sì ń ro oko tí wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀?

Bàbá Olùkọ́:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Wọ́n pín ìpalára sí mẹ́rin fún ẹni tó wà nílé: èyí tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, èyí tó bá iṣẹ́ ilé wá, èyí tó bá iṣẹ́ òòjọ́ wá, àti èyí tó wá láti gbèjà ara ẹni. Àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kà léèwọ̀ pátápátá fún un. Mẹ́ta yòókù, kó dín wọn kù. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi wọ inú òwò, torí ọkọ́ àti ohun èlò ìtúlẹ̀ ń pa nǹkan lójoojúmọ́. Síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Jáínì wà, ní àríwá Kanátákà àti gúúsù Maharáṣítírà.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú omi láyé àtijọ́ rèé. Wọ́n á pọn omi nínú kànga, wọ́n á fi aṣọ onílọ̀ọ́po méjì sẹ́ ẹ. Ohun tó kù sára aṣọ ni a sábà máa ń gbọ̀n dànù. Àwọn kì í gbọ̀n ọ́n dànù. Wọ́n á yí aṣọ padà, wọ́n á fi omi tí wọ́n ti sẹ́ ṣàn án, wọ́n á sì dá àwọn kòkòrò náà padà sínú kànga tí wọ́n ti wá gan-an, torí ohun tó ń gbé inú omi kan lè kú sínú òmíràn. Wọn ò ní dà á látòkè, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ojú omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 48, omi tí a sẹ́ gbọ́dọ̀ tún di sísẹ́. Ti sísè, àlàyé wọn ni pé lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀mí inú omi náà kú, àmọ́ kò ní tún máa bí sí i fún wákàtí mélòó kan.

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ń kọ́?

Bàbá Olùkọ́:
Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe é, kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn ṣe é, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ nínú èrò, nínú ọ̀rọ̀ tàbí nínú ìṣe. Kì í se omi, kì í dáná. Omi tí onílé ti sè fún ara rẹ̀ ló ń gbà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Fún oṣù mẹ́rin ìgbà òjò, ojú kan ló ń dúró sí, torí ilẹ̀ kún fún èéhù àti kòkòrò nígbà náà. Ìjọ ńlá méjì ni wọ́n ní, Dìgámbárà àti Ṣifẹtámbárà. Àwọn Dìgámbárà ń lo ọwọ̀ ìyẹ́ ọ̀kín, èyí tí ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ yọ sílẹ̀. Àwọn Ṣifẹtámbárà ń lo ti òwú irun àgùntàn. Àwòrán tí wọ́n ń yà kiri, pé wọ́n ń gbá gbogbo títì bí wọ́n ti ń rìn, àsọdùn ni. Kí wọ́n tó jókòó tàbí dùbúlẹ̀ ni wọ́n ń lò ó jù. Aṣọ ìbòmú pẹ̀lú, ìjọ kan ń so ó mọ́ ẹnu látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òmíràn ń mú un dání tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn Dìgámbárà kì í lò ó rárá.

Atúmọ̀, ní ti èèrà: wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìrìn, àdúrà ìjẹ́wọ́ kan wà tí wọ́n ń kà. Ó dárúkọ irúgbìn tí ẹsẹ̀ tẹ̀, koríko tútù, ìrì, ilé èèrà, ẹrẹ̀ àti òwú aláǹtakùn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alẹ́dìyẹ (Abẹ́òkúta):
Ẹ má bínú, mo pẹ́ dé. Ẹyin tèmi ò ní àkùkọ nínú o, kò lè pa láéláé. Íńdíà kan wà ní àdúgbò wa, ṣé wọ́n á lè rà á?

Bàbá Olùkọ́:
Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ là ń sọ o. Kì í ṣe gbogbo ará Íńdíà ni Jáínì; ìkànìyàn 2011 fi wọ́n sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ péré nínú gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bí tiyín bá sì jẹ́ Jáínì, kò ní jẹ ẹyin, ì báà ní àkùkọ tàbí kó má ní. Wàrà ni wọ́n ń mu látijọ́, òun náà sì ti dìjà báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ń bi àwọn àgbà pé akọ ọmọ màlúù ilé-wàrà, níbo ló ń gbà lọ? Àwọn kan ti jáwọ́ nínú wàrà. Àwọn àgbà kan sì ní wàrà ò pa ẹnikẹ́ni.

Atúmọ̀:
Mo dúpẹ́, Bàbá. Ṣé kí n wá kọ "àìpẹ̀mílára"? Ẹ̀mí rọ́pò "ni", gbogbo wọn ti wọlé.

Bàbá Olùkọ́:
Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń wo ẹ̀mí tó fara pa, kò wo ẹni tí kò ṣọ́ra. Ní tèmi, "ìkíyèsẹ́mìí" ló sún mọ́ ohun tí Kundakúndà ń wí.

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Èmi ò gba ìkíyèsẹ́mìí. "À" tó ṣíwájú àhíńsà fúnra rẹ̀, "àì" ni, àwọn tó ni í ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí àwa fẹ́ yọ ọ́? Ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń mu omi tí ẹlòmíràn sè náà ṣì ń kọ mí lóminú. Ẹni tó kíyè sára jù lọ ló ń gbé lórí ìpalára tí aládùúgbò rẹ̀ ṣe.

Bàbá Olùkọ́:
Ìyẹn làwọn fúnra wọn fi sọ pé oúnjẹ náà ò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n sè nítorí rẹ̀. Onílé tó mọ̀ pé ó ń bọ̀ lónìí, tó wá se omi lé ti tẹ́lẹ̀, ó ti bà á jẹ́ fún un, bí ajẹ́jẹ̀ẹ́ bá sì fura, kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ. Kò tán síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kó kọ "àìpẹ̀mílára", kó fi "àhíńsà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màá bi ìyá àgbà léèrè ọ̀rọ̀ omi yẹn lọ́la, kí oòrùn tó wọ̀.