Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ wa

Ìbéèrè mi ọjọ́sí lórí ìwé tí a fi ń wá owó kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan: "Ẹ jọ̀ọ́, nínú apá ìṣòro, ṣé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa ti ṣe ló yẹ kó ṣáájú ni, àbí ìyà tó ń jẹ ará abúlé?"

Mo ti tún un kọ, a sì ti fi ránṣẹ́. Gbogbo ìtàn kànga tí a ti gbẹ́ ti bọ́ sí apá tó ń sọ nípa ẹgbẹ́. Ohun tó ṣíwájú báyìí ni pé kànga abúlé náà máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò tí màálù ń mu ni wọ́n sì ń pọn. Lẹ́yìn náà ni iye ọmọ tí wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn nítorí ìgbẹ́ gbuuru, oṣù ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù òjò. Nọ́ọ̀sì àgbà ló bá wa ṣí ìwé àkọsílẹ̀. A kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo fi kún un pé àwọn tó dé ilé ìwòsàn nìkan ni ìwé náà kà.

Ẹ̀gbọ́n tó ní "àìsí kànga ẹ̀rọ kì í ṣe ìṣòro, ojútùú tí ẹ fẹ́ tà lẹ yí lórí," ẹ ṣeun gan-an. Mo yọ gbólóhùn tí mo fi pe àìsí kànga ẹ̀rọ ní ìṣòro. Ẹni tó ní ká lo iye ti gbogbo Nàìjíríà, òótọ́ díẹ̀ ni: gbólóhùn kan péré ni mo fún un, torí kò sọ nǹkan kan nípa abúlé yìí. Ẹni tó ń béèrè owó tóun máa fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má bínú, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Akọ̀wé wa ṣì ń jà pé ó yẹ ká ti fi àṣeyọrí kan sójú ewé kìíní. A kò tíì gbà fún ara wa.